Mo fẹ́ kọ ìwé tí Ìyá Àgbà á máa wò tí tẹlifíṣọ̀n bá kúrò lórí dikódà, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò

ỌmọLáfíàjí

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Ìyá tó bí màmá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Láfíàjí níbí. Ojú wọn ṣì ń ríran bí lẹ́tà bá tóbi, wọ́n mọ Yorùbá kà dáadáa torí wọn kì í fi Bíbélì wọn ṣeré, òyìnbó nìkan ni wọn ò gbọ́. Lọ́sàn-án àwọn nìkan ló máa ń wà nílé, gbogbo àwa yòókù á ti jáde. Tẹlifíṣọ̀n ò bàjẹ́, dikódà ò bàjẹ́, a ti san owó oṣù. Ṣùgbọ́n tí NẸ́PÀ bá ti mú iná lọ tí wọ́n sì mú un dé, wàhálà dé nìyẹn, fíìmù tí wọ́n ń wò ò ní padà wá mọ́, ojú tẹlifíṣọ̀n á kàn máa dá aró, wọ́n á wá pè mí níbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà pé nǹkan yín yìí tún ti bẹ̀rẹ̀ o. Kí n máa wí fún wọn lórí fóònù pé ẹ tẹ ibí, ẹ tẹ ọ̀hún, ọ̀gá mi á sì máa wò mí láwòdì.

Mo wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ohun tí mo kọ rèé:

1. Ẹ tan tẹlifíṣọ̀n.
2. Ẹ tẹ SOURCE lẹ́ẹ̀mẹta.
3. Ẹ tẹ OK.
4. Ẹ máa tẹ CH tó kọjú sókè títí ẹ ó fi dé Africa Magic Yoruba.

Ṣé ó ti tó àbí nǹkan kù níbẹ̀?

Àṣàkẹ́_Yábàá

157 ni tó bá jẹ́ DSTV. Tó bá jẹ́ fíìmù Yorùbá ni wọ́n fẹ́ràn ẹ kúkú ra fíláàṣì, ẹ kó fíìmù kún inú ẹ̀, ẹ gún un sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹ ò ní nílò dikódà gan-an mọ́. Bí mo ṣe ṣe é fún màmá ọkọ mi nìyẹn, ẹnu wọn ò sì tíì kúrò nínú àdúrà fún mi.

ỌmọLáfíàjí

Ẹ ṣé àǹtí. Ṣùgbọ́n fíláàṣì yẹn náà, wọ́n ṣì máa yí tẹlifíṣọ̀n sí USB kó tó ṣiṣẹ́, ibi tí wọ́n ti ń há gan-an sì nìyẹn. DSTV ni o, 157 yẹn náà ni wọ́n ń wò.

Wáyà_Ọ̀ṣòdì

Àbúrò, iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni mo ń ṣe, mo ti wà lẹ́nu ẹ̀ láti ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n ṣì ní ìdí gbọ̀ngbọ̀n. Jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè kan. Nínú ìwé tí o kọ yìí, rìmóòtù wo ni kí ìyá mú? Méjì ló wà níbẹ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ti tẹlifíṣọ̀n wà, ti dikódà wà. O ò dárúkọ ìkankan. SOURCE wà lára ti tẹlifíṣọ̀n, CH wà lára méjèèjì, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti ń dàrú.

Wò ó, dikódà ló ń gbé ṣánẹ̀ẹ̀lì wá, tẹlifíṣọ̀n kàn ń fi hàn wá ni. Wáyà kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀, wọ́n á ti gún un sí ihò kan lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n kọ HDMI 1 tàbí HDMI 2 sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí ìyá bá fi rìmóòtù dikódà tẹ CH, ṣánẹ̀ẹ̀lì á yí, kò séwu. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi ti tẹlifíṣọ̀n tẹ CH, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n á rò pé ṣánẹ̀ẹ̀lì eríà ni ẹ fẹ́ wò, irú èyí tí a fi ń wo NTA láyé ọjọ́un, ló bá fi HDMI sílẹ̀ ló bọ́ sórí TV, bẹ́ẹ̀ ẹ ò sì ní eríà kankan nílé. Ó di No Signal. Ìyá á ní bóyá àwọn ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀, torí níbi tí tẹlifíṣọ̀n wà yẹn kò sí ṣánẹ̀ẹ̀lì kankan tó lè yí sí. Ìgbà míì kì í ṣe NẸ́PÀ rárá ló gbé e kúrò, CH yẹn ni. Béèrè lọ́wọ́ wọn dáadáa wàá rí i.

Ìkejì, yọ "lẹ́ẹ̀mẹta" yẹn kúrò. Lẹ́ẹ̀mẹta láti ibo? Tó bá wà lórí TV kó tó tẹ̀ ẹ́, ibi tó máa já sí yàtọ̀ sí ìgbà tó bá wà lórí AV. Tẹlifíṣọ̀n míì sì wà, títẹ̀ àkọ́kọ́ kàn máa ń ṣí orúkọ jáde ni, kì í yí nǹkan kan. Ohun tí ojú wọn máa rí ni kó o kọ, má kọ iye ìgbà tí ọwọ́ wọn máa tẹ̀.

Kí n tó sọ ìyókù: tí iná bá dé, kí ni tẹlifíṣọ̀n yín kọ́kọ́ máa ń gbé jáde? Iná ara dikódà ńkọ́, pupa ni àbí àwọ̀ ewé?

Bùọ̀dá_Téèpù

Kí ni gbogbo àlàyé yìí fún? Ẹ gbé rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n sínú dúrọ́ọ̀, ẹ tì í pa. Kí ìyá máa lo ti dikódà nìkan. Ohun tí wọn ò rí wọn ò lè tẹ̀ ẹ́.

Ìyá_Ìbejì_Mushin

Bùọ̀dá ẹ má bínú, a ṣe bẹ́ẹ̀ fún bàbá mi ó gbẹ̀yìn yọ o. A kó rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n pamọ́, a ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Iná lọ, iná dé, tẹlifíṣọ̀n fúnra ẹ̀ ò padà sórí dikódà, bàbá ò sì ní nǹkan tí wọ́n máa fi dá a padà. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n níbi tí bọ́tìnnì kékeré kan wà, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, díẹ̀ ló kù kí tẹlifíṣọ̀n wó lulẹ̀ láti orí tábìlì. Ọmọ ilé kejì ló wá bá wọn ṣe é. Àgbàlagbà tó ń wo fíìmù, tí ẹ bá gbé rìmóòtù kúrò níwájú ẹ̀ ó máa wá ọ̀nà míì ni.

Bùọ̀dá_Téèpù

Ti ilé yín nìyẹn. Tiwa ti pẹ́, kò sì ṣe nǹkan kan.

Wáyà_Ọ̀ṣòdì

Torí tẹlifíṣọ̀n yín ń rántí ibi tó wà kí iná tó lọ ni. Ti ẹlòmíì kì í rántí. Ìdí tí mo fi bi ọmọdékùnrin yìí léèrè nìyẹn.

ỌmọLáfíàjí

Ọmọbìnrin ni mí o ẹ̀gbọ́n 😂 Mo ti wò ó. Tí iná bá dé, tẹlifíṣọ̀n á fúnra ẹ̀ tàn, àwọn àwòrán áàpù oríṣiríṣi ló máa gbé jáde, YouTube àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, kò ní lọ síbì kankan àfi tí èèyàn bá mú un lọ. Iná ara dikódà á wà ní pupa. HDMI 1 ni wáyà wà. Mo sì béèrè bí ẹ ṣe wí, wọ́n ní rìmóòtù tó wúwo ni àwọn fi ń wá fíìmù torí bọ́tìnnì ẹ̀ tóbi, ti tẹlifíṣọ̀n sì ni èyí tó wúwo! Ìyẹn ni pé ẹ jàre.

Tọ́lá_kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin èèyàn yìí ń da ara yín láàmú. Ẹ lọ sínú Settings, ẹ wá HDMI-CEC, ẹ tàn án. Bí dikódà bá ti tàn, tẹlifíṣọ̀n á fúnra ẹ̀ bọ́ sórí HDMI tó wà. Kò sí ìwé, kò sí téèpù, kò sí ẹjọ́. Gbogbo tẹlifíṣọ̀n ìsinsìnyí ló ní in.

Wáyà_Ọ̀ṣòdì

Tọ́lá, ìdajì nìyẹn. Lóòótọ́ ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ìsinsìnyí ló ní in, orúkọ tí wọ́n ń pè é ló yàtọ̀: Samsung ń pè é ní Anynet+, LG ń pè é ní SIMPLINK, Sony ń pè é ní BRAVIA Sync, ìdí nìyẹn tí ẹlòmíì á fi wá HDMI-CEC títí tí kò ní rí i. Ṣùgbọ́n ohun àjọsọ ni, tẹlifíṣọ̀n nìkan ò lè dá a ṣe. Dikódà gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ látinú wáyà yẹn pé mo ti jí o. Dikódà tí kò bá lè sọ bẹ́ẹ̀, ẹ tan CEC títí di ọ̀la, tẹlifíṣọ̀n á kàn jókòó síbi tó wà.

Àbúrò, dán an wò báyìí. Tan CEC lára tẹlifíṣọ̀n, mú tẹlifíṣọ̀n lọ síbi àwòrán áàpù yẹn, kó o wá fi rìmóòtù dikódà pa dikódà, kó o tún tàn án, má fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n. Tí tẹlifíṣọ̀n bá fúnra ẹ̀ bọ́ sórí fíìmù, o ṣoríire, ìwé ẹ máa kúrú gan-an. Tí kò bá bọ́, pa CEC padà kó o gbàgbé ẹ̀. Nǹkan míì tún wà tó dára jù ú lọ: wo inú Settings bóyá wọ́n béèrè ibi tí tẹlifíṣọ̀n máa bẹ̀rẹ̀ sí tó bá tàn. Tẹlifíṣọ̀n míì máa ń jẹ́ kéèyàn yan ibi tó wà kẹ́yìn dípò ojú áàpù. Ìyẹn ò nílò ìrànlọ́wọ́ dikódà rárá.

Tọ́lá_kọ̀ǹpútà

Tèmi ń ṣiṣẹ́ ṣá.

ỌmọLáfíàjí

Mo ti dán an wò. CEC wà níbẹ̀, mo tàn án, tẹlifíṣọ̀n ò mira. Mo wá ibi tó máa bẹ̀rẹ̀ sí yẹn nínú Settings, kò sí nínú tiwa. Ó ti di ìwé nìyẹn.

Wáyà_Ọ̀ṣòdì

Kò burú. Jẹ́ ká kọ ọ́ dáadáa nígbà náà. Kọ́kọ́ so òwú pupa mọ́ rìmóòtù dikódà, èyí tó nípọn tí ọwọ́ lè mọ̀ lókùnkùn. Má lo orúkọ bíi rìmóòtù ńlá àti kékeré, torí ìyá ti fi "èyí tó wúwo" sọ́kàn tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà gé bébà àwọ̀ ewé kékeré, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì SOURCE lára ti tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ o, kì í ṣe orí ẹ̀. Kó o wá fi téèpù bo CH ti tẹlifíṣọ̀n àti gbogbo nọ́ńbà ẹ̀ pa. Ohun tó máa ṣẹ́kù ni bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tàn án, SOURCE, ọfà mẹ́rin, OK àti ohùn.

Nípa títò ẹ̀: dikódà ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Tí dikódà bá ṣì ń sùn tí ẹ mú tẹlifíṣọ̀n lọ sórí HDMI 1, No Signal náà lẹ máa bá níbẹ̀, ìyá á rò pé ibẹ̀ kọ́, wọ́n á kúrò níbi tó tọ́ lọ síbi tí kò tọ́. Èyí ń ṣẹlẹ̀ sí àwa géńdé gan-an.

Ìyá_Ìbejì_Mushin

Ẹ fi ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n dúró sí i o. Dikódà kì í tàn lójú ẹsẹ̀ tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó máa kọ́kọ́ gbé orúkọ ara ẹ̀ jáde, ó máa ṣókùnkùn, ó tún máa ka nǹkan kan lọ́tùn-ún lósì kó tó mú àwòrán wá. Àárín ìgbà yẹn ni bàbá mi máa ń tẹ bọ́tìnnì kiri. Ẹ má sì kọ ìṣẹ́jú síbẹ̀, ta ló fẹ́ wo aago. Mo sọ fún bàbá mi pé kí wọ́n ka Fátíà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ti ìyá yín tó jẹ́ Bíbélì, Sáàmù 23 lẹ́ẹ̀mejì ti tó.

ỌmọLáfíàjí

Hàà, Ìyá Ìbejì ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti mú un!

Àṣàkẹ́_Yábàá

Ẹ kọ HDMI sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá. Tí wọn ò bá gbọ́ òyìnbó kò ní kí wọ́n má lè fi ojú wé e. Ẹ mú fóònù ya àwòrán ojú tẹlifíṣọ̀n nígbà tí àwọn orúkọ yẹn bá tò síbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ilé kọ̀ǹpútà, ẹ fi máàkà pupa yí ká HDMI 1, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ìwé. Màmá ọkọ mi ò mọ̀wé kà rárá, àwòrán ni mo fi ṣe tiwọn.

Wáyà_Ọ̀ṣòdì

Èyí dára. Kí n fi ọ̀kan kún un: tẹlifíṣọ̀n míì ń jẹ́ kéèyàn yí orúkọ HDMI 1 padà. Ẹ dúró lórí HDMI 1 nínú àwọn orúkọ yẹn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Edit tàbí Rename sí. Tó bá gbà, ẹ kọ DSTV síbẹ̀, ojú ìyá ti mọ ìyẹn lára dikódà.

ỌmọLáfíàjí

Kò gbà lára tiwa, HDMI 1 náà ni. Ẹ wò ó báyìí, mo ti tún un kọ:

BÍ INÁ BÁ DÉ

1. Ìyá, ẹ wo iná kékeré ara dikódà. Bó bá pupa, ẹ mú rìmóòtù olówùú pupa, ẹ kọjú ẹ̀ sí dikódà, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó wà lókè pátápátá lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá pupa, ẹ má tẹ̀ ẹ́.
2. Ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ ka Sáàmù 23 lẹ́ẹ̀mejì.
3. Bí fíìmù bá ti dé, ó parí. Ẹ máa wò ó.
4. Bí kò bá tíì dé, ẹ mú rìmóòtù kejì. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tí bébà àwọ̀ ewé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àwọn orúkọ á tò jáde lójú tẹlifíṣọ̀n.
5. Ẹ máa tẹ ọfà tó kọjú sísàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ìmọ́lẹ̀ á fi wà lórí HDMI 1.
6. Ẹ tẹ bọ́tìnnì àárín àwọn ọfà lẹ́ẹ̀kan. Fíìmù á dé. Ẹ gbé rìmóòtù yẹn sílẹ̀.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ YÍ ṢÁNẸ̀Ẹ̀LÌ

Rìmóòtù olówùú pupa nìkan ni. Ẹ tẹ 1, ẹ tẹ 5, ẹ tẹ 7.

Wáyà_Ọ̀ṣòdì

Ọpọlọ ẹ pé. Àtúnṣe díẹ̀. Ní ìkarùn-ún, àwọn orúkọ yẹn kì í dúró pẹ́, bí ìyá bá ń wá awò ojú wọn lọ́wọ́ á ti wọlé padà. Fi kún un pé bí àwọn orúkọ bá lọ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì àárín, ẹ tún tẹ bọ́tìnnì ẹlẹ́wé yẹn, kò sóhun tó bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ "kò sóhun tó bàjẹ́" yẹn ṣe pàtàkì, torí ẹ̀rù pé àwọn ti ba nǹkan jẹ́ ló ń jẹ́ kí àwọn àgbà máa tẹ gbogbo ẹ̀ papọ̀.

Ti 157 yẹn náà, nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ara wọn kíákíá. Tí wọ́n bá tẹ 1 tí wọ́n wá ń fi ojú wá 5, dikódà ò ní dúró dè wọ́n, á gbà pé 1 nìkan ni wọ́n fẹ́. Ó máa wá sọ pé kò sí ṣánẹ̀ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ tàbí kó gbé wọn lọ síbòmíì. Kí wọ́n fi ìka kọ́kọ́ wá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìtẹ̀ ẹ́, kí wọ́n tó wá tẹ̀ ẹ́ léraléra. Tó bá ṣòro fún wọn, kó ṣánẹ̀ẹ̀lì mẹ́ta mẹ́rin tí wọ́n fẹ́ràn sínú Favourites.

Bùọ̀dá_Téèpù

Favourites kẹ̀! Ẹ tún fẹ́ kọ́ ìyá ní ménù. Kí wọ́n máa tẹ CH lókè lọ lókè bọ̀ tó bá ti jẹ́ pé rìmóòtù dikódà ni, wọ́n á bá a.

Ìyá_Ìbejì_Mushin

Láti ibo dé 157? Tí wọ́n bá bọ́ sí 200 ńkọ́, ilẹ̀ á ṣú. Ṣùgbọ́n mo gbà pẹ̀lú yín pé kí ẹ má ṣe Favourites. Bàbá mi ti mọ nọ́ńbà mẹ́ta sórí bíi nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ wọn.

Àṣàkẹ́_Yábàá

Ẹ máa rántí pé wọ́n máa ń yí nọ́ńbà ṣánẹ̀ẹ̀lì padà nígbà míì o. Ẹ má fi báírò kọ 157 yẹn mọ́ inú ìwé tí ẹ máa lámínéètì. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà ọ̀tọ̀ kí ẹ lẹ̀ ẹ́ lé e.

Káyọ̀dé_Ẹ̀bútẹ́Mẹ́tta

Ẹ dákun, tèmi ń kọ E48-32, mo ti tẹ SOURCE títí mo dé gbogbo ẹ̀. Ṣé HDMI ni?

Wáyà_Ọ̀ṣòdì

Rárá o Káyọ̀dé, kúrò nídìí SOURCE. Kí ẹ máa wo ohun tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n dáadáa, torí ẹni méjì ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. No Signal, tẹlifíṣọ̀n ló kọ ọ́, ó ń sọ pé nǹkan kan ò dé ọ̀dọ̀ mi: bóyá ẹ wà lójú ihò tí kò tọ́, bóyá dikódà ń sùn, bóyá wáyà ti yọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí E pẹ̀lú nọ́ńbà, dikódà ló kọ ìyẹn, ó túmọ̀ sí pé tẹlifíṣọ̀n àti dikódà ti ríra wọn, HDMI yín pé. E48-32, dikódà ò rí nǹkan gbà láti ara díìṣì lórí òrùlé: òjò ńlá, wáyà tó jáde, tàbí díìṣì tí atẹ́gùn yí. Tí òjò bá ń rọ̀, ẹ jẹ́ kó dá ná. E16, owó ti tán, tàbí ẹ ti san án tí wọn ò tíì ṣí i.

Káyọ̀dé_Ẹ̀bútẹ́Mẹ́tta

Òjò ń rọ̀ lóòótọ́ o, ó ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Ẹ ṣé.

ỌmọLáfíàjí

Èyí gan-an ló yẹ kó wà nínú ìwé. Mo máa fi kún un ní ìsàlẹ̀ pé bí ẹ bá rí lẹ́tà E, ẹ má tẹ nǹkan kan, bí òjò bá ń rọ̀ ẹ dúró kó dá, bí kò bá rọ̀ ẹ pè mí. Màá ya E náà gàdàgbà.

Wáyà_Ọ̀ṣòdì

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bátìrì náà o. Bí ìyá bá pè ọ́ pé àwọn tẹ̀ ẹ́ kò gbọ́, tí ẹnì kan bá wà nílé, kó ṣí kámẹ́rà fóònù, kó kọjú iná iwájú rìmóòtù sí i, kó tẹ bọ́tìnnì kan. Tí rìmóòtù bá dáa, wàá rí iná bíi elésè àlùkò tó ń ṣẹ́jú lójú fóònù bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú lásán ò lè rí i. Fóònù míì kámẹ́rà ẹ̀yìn ẹ̀ kì í fi í hàn, kí wọ́n lo ti iwájú. Tí kò bá sí iná, pààrọ̀ bátìrì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, má fi tuntun pọ̀ mọ́ ògbólógbòó. Tí iná bá wà tí kò sì ṣiṣẹ́, bóyá àwọ̀n tí ìyá tẹ́ sórí dikódà ló bo ojú ẹ̀. Mo mọ àwọn ìyá wa.

ỌmọLáfíàjí

Ẹ̀gbọ́n báwo lẹ ṣe mọ̀ pé àwọ̀n wà níbẹ̀?? Ó wà níbẹ̀, òdòdó sì tún wà lórí ẹ̀.

Bùọ̀dá_Téèpù

😂😂 Ẹ ká àwọ̀n sókè díẹ̀ níwájú, ẹ má yọ ọ́, ìjà ni.

ỌmọLáfíàjí

Ẹ kú àtijọ́ o. Ìwé ti wà lára ògiri. Mo jókòó síbi àga mi, n ò sọ̀rọ̀, mo pa sókẹ́ẹ̀tì bíi pé NẸ́PÀ ló mú un lọ, mo tún tàn án, mo ní kí wọ́n máa kà á. Wọ́n tan dikódà, wọ́n ka sáàmù (wọ́n kà á sókè, gbogbo ilé ló gbọ́), wọ́n tẹ bọ́tìnnì ẹlẹ́wé, orúkọ tò jáde. Ibi tó ti há ni pé wọ́n tẹ ọfà ju bó ṣe yẹ lọ, ìmọ́lẹ̀ kọjá HDMI 1 lọ sí HDMI 2, kò sì sí ohun tó sọ nínú ìwé pé kí wọ́n fi ọfà òkè padà. Mo ti fi ìyẹn kún un. Lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n bá a.

Ohun tó kù báyìí ni téèpù. Sẹ́lótéèpù tí mo fi bo CH ń ká sókè, ọwọ́ ọbẹ̀ ni wọ́n fi ń mú rìmóòtù, gọ́ọ̀mù ẹ̀ sì ti ń lẹ̀ mọ́ bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìyá_Ìbejì_Mushin

Plásítà ojú egbò ni kẹ́ ẹ lò, èyí aláṣọ tó wà ní ilé kẹ́míìsì. Ó ń di nǹkan mú ju sẹ́lótéèpù lọ, ẹ sì lè kọ nǹkan sórí ẹ̀. Kẹ́ ẹ fi bébà nu rìmóòtù gbẹ kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́.

Tọ́lá_kọ̀ǹpútà

Ẹ ṣí rìmóòtù yẹn, ẹ fi bébà tín-ínrín sáàárín rọ́bà bọ́tìnnì CH àti pátákó inú ẹ̀. Kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, kò sì ní sí nǹkan tó máa ká sókè.

Wáyà_Ọ̀ṣòdì

Ó ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, mo ti ṣe é rí, ṣùgbọ́n tí bébà bá sún díẹ̀ á pa ohùn náà, ẹ ò sì ní mọ ohun tó fà á. Tí kò bá jẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ló ṣí i, plásítà ni kẹ́ ẹ lò.

Bùọ̀dá_Téèpù

Mo ṣì ń wí tèmi, dúrọ́ọ̀ ni.

Àṣàkẹ́_Yábàá

ỌmọLáfíàjí, ẹ fi ìwé tó kẹ́yìn yẹn ránṣẹ́ pẹ̀lú ti ọfà òkè àti ti lẹ́tà E, mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde fún àǹtí mi kan ní Òkè Pópó. StarTimes ni tiwọn, HDMI 2 sì ni.

ỌmọLáfíàjí

Màá fi í síbí lálẹ́ tí mo bá délé. Ẹ máa yí HDMI àti nọ́ńbà ṣánẹ̀ẹ̀lì sí tiwọn o, kí ẹ sì kọ́kọ́ yẹ iná ara dikódà wọn wò, torí àwọ̀ tó ń mú tó bá ń sùn lè má jẹ́ pupa bíi tiwa.